Gúdúwìlì nínú ìwé ìṣirò: ibi tó ti ń wá, àti ìdí tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iye rẹ̀ ti dínkù

Ṣí ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ ńlá èyíkéyìí tó ti ra ilé-iṣẹ́ míì rí, kò ní pẹ́ tí wàá fi kan ìlà kan tí wọ́n pè ní gúdúwìlì. Nígbà míì iye tó wà níwájú rẹ̀ máa ń ju ti ilé, ilẹ̀ àti ẹ̀rọ lápapọ̀. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn sábà máa ń bi mí nípa ìlà yìí ni mo kó jọ síbí. Òfin ìṣirò àgbáyé, ìyẹn IFRS, ni mo gbé ìdáhùn náà kà. Níbi tí ti Amẹ́ríkà bá ti yàtọ̀, màá sọ.

Kí ni gúdúwìlì gan-an?

Ohun tó ṣẹ́kù ni. Kò sí ẹni tó ń wọn gúdúwìlì fúnra rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá ra òmíràn, a ó ka gbogbo dúkìá tó ṣeé dá mọ̀ nínú èyí tí wọ́n rà, a ó fi iye tí wọ́n ń lọ lọ́jà lónìí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, a ó yọ gbèsè kúrò, a ó sì wo iye tó kù. Tí owó tí olùrà san bá ju iye yẹn lọ, àlékún náà ni gúdúwìlì.

Nítorí pé ohun tó ṣẹ́kù ni, gbogbo àṣìṣe tó bá wà nínú ìṣirò àwọn nǹkan yòókù, orí rẹ̀ ni yóò já sí. Bí wọ́n bá fi owó kékeré sí iye àmì ọjà, gúdúwìlì á wú. Bí wọ́n bá gbàgbé gbèsè kan, á súnkì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló fà á tí àyẹ̀wò tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú fi rí bó ṣe rí.

Báwo ni ìṣirò náà ṣe ń lọ?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, kí a sì máa lò ó lọ títí dé òpin. Ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe pọ́ǹpù omi. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Onípọ́ǹpù. Ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù ú lọ, tí a ó pè ní Olùrà, san mílíọ̀nù 500 láti gba gbogbo rẹ̀. Owó orílẹ̀-èdè yòówù ló lè jẹ́.

Nínú ìwé Onípọ́ǹpù fúnra rẹ̀, tí a bá yọ gbèsè kúrò lára dúkìá, mílíọ̀nù 180 ló kù. Ṣùgbọ́n iye àtijọ́ nìyẹn. Olùrà gbọ́dọ̀ tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n. Ilé àti ilẹ̀ tó wà nínú ìwé ní mílíọ̀nù 90, iye rẹ̀ lọ́jà jẹ́ 130, ìyẹn àlékún 40. Ọjà tó wà ní ilé ìkẹ́rù wúlò ju iye inú ìwé lọ pẹ̀lú mílíọ̀nù 10. Lẹ́yìn náà ni àwọn ohun tí kò sí nínú ìwé Onípọ́ǹpù rárá: àmì ọjà tí àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n mọ́, tí wọ́n dá iye mílíọ̀nù 60 lé, àti àdéhùn tó ní pẹ̀lú àwọn oníbàárà ńlá, mílíọ̀nù 70. Gbogbo àlékún yìí jẹ́ mílíọ̀nù 180.

Ìgbésẹ̀ kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Àwọn agbowó-orí kò mọ̀ nípa àlékún yìí. Lójú tiwọn, ilé náà ṣì wà ní 90, àmì ọjà náà kò sì sí. Nítorí náà, bí Olùrà bá ń yọ iye àwọn dúkìá yìí díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú èrè rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, kò ní rí ẹ̀dínwó owó orí gbà lórí rẹ̀. Òfin ìṣirò ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gbèsè owó orí tó ń bọ̀. Tí owó orí bá jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, gbèsè náà jẹ́ mílíọ̀nù 45.

Ó wá di 180, a fi 180 kún un, a yọ 45, ó ku 315. Olùrà san 500. Gúdúwìlì jẹ́ mílíọ̀nù 185.

Olùrà ní àkókò tí kò gbọ́dọ̀ ju oṣù 12 lọ láti ọjọ́ tó gba ilé-iṣẹ́ náà láti tún àwọn iye yìí ṣe, bí ó bá rí ẹ̀rí tuntun nípa bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà kò kàn án.

Kí ló wá wà nínú mílíọ̀nù 185 yẹn?

Oríṣiríṣi nǹkan, àwọn kan níláárí, àwọn kan kò ní. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti mọ iṣẹ́ wà níbẹ̀. Òfin IFRS 3 kò gbà kí a kọ wọ́n lọ́tọ̀ bí dúkìá, torí ilé-iṣẹ́ kò ní wọn níkàáwọ́ bó ṣe ní ẹ̀rọ, nítorí náà inú gúdúwìlì ni iye wọn ń wọ̀. Èrè tí Olùrà ń retí láti inú ìdàpọ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú: kí wọ́n máa ra irin papọ̀ ní iye tó rọjú, kí àwọn tó ń ta ọjà fún Olùrà máa ta pọ́ǹpù mọ́ ọn.

Wo mílíọ̀nù 45 ti owó orí yẹn náà. Kò sí ẹnikẹ́ni tó jókòó ní tábìlì ìdúnàádúrà tó sọ pé òun fẹ́ san án. Ìṣirò ló bí i: a kọ gbèsè tuntun sílẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù sì wú ní iye kan náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo gúdúwìlì yìí.

Èyí tó kẹ́yìn ni owó tí Olùrà san jù. Bóyá àwọn méjì míì náà ń du Onípọ́ǹpù, tí iye fi ń gòkè. Bóyá ọ̀gá àgbà kan ti sọ fún gbogbo ayé pé òun á rà á, tí kò sì lè padà sẹ́yìn mọ́. Lọ́jọ́ ìrajà, ìwé ìṣirò kò lè ya owó àsanjù yìí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó nítumọ̀. Gbogbo wọn ló ń jókòó pọ̀ lórí ìlà kan, wọ́n sì ń jẹ́ dúkìá.

Ṣé ilé-iṣẹ́ tó kọ́ orúkọ rere tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lè kọ gúdúwìlì sínú ìwé?

Rárá. IAS 38, òfin àgbáyé lórí dúkìá tí a kò lè fọwọ́ kàn, kọ̀ ọ́ pátápátá. Ìgbà tí ẹlòmíì bá fi owó rà á nìkan ni gúdúwìlì ń wọ ìwé, torí pé owó tí a san ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà pé nǹkan náà ní iye. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tó fi 50 ọdún kọ́ ara rẹ̀ lè ní gúdúwìlì òdo, kí èyí tó ń ra kiri sì ní bílíọ̀nù. Ẹ má fi ìlà yìí ṣèdájọ́ ta ló ní orúkọ rere jù.

Tí owó tí olùrà san bá kéré ju iye dúkìá náà ńkọ́?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá nígbà tí ẹni tó ń tà bá wà nínú ìnira. Òfin ní kí olùrà kọ́kọ́ padà sẹ́yìn lọ yẹ gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ wò, torí àṣìṣe ló sábà máa ń fà á. Tí ó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ náà á wọ èrè lọ́jọ́ ìrajà.

Kí ló dé tí wọn kò fi máa yọ gúdúwìlì díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹ̀rọ?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti 1970, wọ́n lè pín in sórí ọdún tí kò ju 40 lọ. Nínú òfin àgbáyé ìgbà náà, wọ́n gbà pé kò yẹ kó ju 20 ọdún lọ. Amẹ́ríkà pa àṣà yìí tì ní 2001, IFRS sì tẹ̀ lé e ní 2004. Àlàyé wọn ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ iye ọdún tí gúdúwìlì máa fi wà, àti pé iye tí wọ́n ń yọ lọ́dọọdún kò sọ ohun kan fún ẹni tó ń kàwé. Àwọn tó ń kàwé kàn ń fi í padà sínú èrè ni, kí wọ́n tó máa bá ìṣirò tiwọn lọ.

Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni àyẹ̀wò. Èrò rẹ̀ rọrùn: dúkìá kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ní iye tó ju ohun tí a lè rí gbà lórí rẹ̀ lọ, yálà nípa lílò ó tàbí nípa títà á. Gúdúwìlì kì í gbó, a kì í yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà bí a kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, yóò wà níbẹ̀ títí ayé bí ìrajà náà tilẹ̀ ti bàjẹ́.

Èmi kò rò pé ẹjọ́ yìí ti parí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń lo òfin IFRS tiwọn ṣì ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, tí wọn kò bá sì lè sọ iye ọdún rẹ̀ dáadáa, kò gbọ́dọ̀ ju 10 lọ. Ní Amẹ́ríkà, láti 2014 ni ilé-iṣẹ́ tí ìpín rẹ̀ kò sí lọ́jà ìdókòwò ti lè yàn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin IFRS tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ó sì pinnu ní 2022 pé àyẹ̀wò nìkan ni òun yóò dúró lé.

Ìgbà wo ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò náà?

Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Oṣù yòówù tó bá wu ilé-iṣẹ́ ló lè fi ṣe é, ṣùgbọ́n oṣù kan náà ni lọ́dọọdún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí àmì bá ti fara hàn pé nǹkan ti yí padà, wọn kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ àjọ̀dún rẹ̀. Oníbàárà ńlá lè lọ, èlé lè gòkè, ìjọba lè yí òfin padà. Ti Amẹ́ríkà fẹ́lẹ́ díẹ̀: láti 2011 wọ́n gbà kí ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ wo bí nǹkan ṣe ń lọ láìṣe ìṣirò, tí kò bá sì jọ pé iye ti dínkù, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí gúdúwìlì kò ṣeé tà lọ́tọ̀?

Òótọ́ ni pé gúdúwìlì kì í dá owó wọlé fúnra rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n máa ń pín in fún ẹ̀ka iṣẹ́ tó ń jàǹfààní ìrajà náà, ìyẹn ẹ̀ka tó ń pa owó wọlé láìgbára lé ẹ̀ka yòókù. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹ̀ka apawówọlé. Gbogbo ẹ̀ka náà ni wọ́n ń gbé sórí ìwọ̀n, pẹ̀lú gúdúwìlì inú rẹ̀.

Ní apá kan ni iye ẹ̀ka náà nínú ìwé. Ní apá kejì ni iye tó ṣeé rí gbà lórí rẹ̀, èyí tó jẹ́ èyí tó ga jù nínú méjì: iye tí wọ́n lè tà á lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ìnáwó títà, tàbí iye ìlò rẹ̀, ìyẹn gbogbo owó tí yóò mú wọlé lọ́jọ́ iwájú tí a bá mú un wá sí iye òní. Èyí tó ga ni wọ́n ń mú, torí olówó tó bá gbọ́n á ṣe èyí tó bá lérè jù nínú títà àti dídì í mú.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Onípọ́ǹpù lẹ́yìn ọdún méjì. Àwọn dúkìá rẹ̀ yòókù ti wá sílẹ̀ sí 300, gúdúwìlì ṣì wà ní 185. Iye inú ìwé jẹ́ 485. Owó tí wọ́n ń retí pé yóò wọlé lọ́dún márùn-ún tó ń bọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 36, 38, 40, 41 àti 42. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní yóò máa fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dọọdún láìdúró. Owó ọ̀la kò tó owó òní, nítorí náà wọ́n fi ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún dín in kù lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ìdá yìí ni èrè tí àwọn olówó ń béèrè lórí irú iṣẹ́ tó léwu báyìí.

Owó ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ wá jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 144 ní iye òní. Ti gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e jẹ́ nǹkan bíi 283. Àpapọ̀ jẹ́ 427. Ká ní kò sí olùrà tó máa san jù bẹ́ẹ̀ lọ, 427 ni iye tó ṣeé rí gbà. Ìwé ní 485. Àdánù náà jẹ́ mílíọ̀nù 58, gúdúwìlì sì wá sílẹ̀ sí 127. Ká ní àdánù náà ju gbogbo gúdúwìlì lọ ni, ìyókù rẹ̀ ni wọn ì bá pín sórí àwọn dúkìá yòókù, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tóbi tó.

Òfin dí àwọn ihò kan nínú iye ìlò. Àsọtẹ́lẹ̀ tí a kọ lọ́dọọdún kò gbọ́dọ̀ ju ọdún 5 lọ àfi tí ìdí pàtàkì bá wà. Ìdàgbàsókè lẹ́yìn ìyẹn kò gbọ́dọ̀ ju ti ọjà náà lápapọ̀. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ ka èrè àtúntò tí wọn kò tíì fọwọ́ sí.

Ṣé kò rọrùn láti yí àbájáde rẹ̀ padà?

Ó rọrùn gan-an. Ẹ wo ìṣirò òkè yẹn: nínú 427, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta tó ti ọdún tí kò sẹ́ni tó tíì rí wá. Tí ẹnì kan bá sọ pé ìdàgbàsókè kì í ṣe 2 bí kò ṣe 3, àpapọ̀ á di 465, àdánù á sì dín sí 20. Tó bá tún sọ pé ìdá tí a fi ń dín owó ọ̀la kù kì í ṣe 11 bí kò ṣe 10, ó di 532. Àdánù ti pòórá, àlékún 47 ló sì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi kún owó tó ń wọlé ní ọdún márùn-ún yẹn. Ìdá kan síhìn-ín, ìdá kan sọ́hùn-ún ni, méjèèjì sì wà láàárín ohun tí èèyàn lè fẹnu gbè lẹ́yìn.

Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ló ń kọ àsọtẹ́lẹ̀ wọ̀nyí, àwọn kan náà tó fọwọ́ sí ìrajà. Iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ni láti yẹ wọ́n wò, kó sì fi àsọtẹ́lẹ̀ ọdún tó kọjá wé ohun tó wọlé gan-an. Ibi tí mo ti máa ń kọ́kọ́ wò nìyẹn: ilé-iṣẹ́ tó bá sọ 40 lọ́dún mẹ́ta léraléra tó ń rí 33, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún gba 42 lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ lè fi gúdúwìlì pamọ́ sábẹ́ ẹ̀ka míì. Báwo?

Lójú tèmi, ìhín ni àbùkù tó tóbi jù nínú ètò náà wà, kò sì nílò ìrẹ́jẹ kankan.

Ká ní kí Olùrà tó ra Onípọ́ǹpù, ó ti ní iṣẹ́ pọ́ǹpù tirẹ̀. Nínú ìwé, iṣẹ́ náà jẹ́ mílíọ̀nù 200. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó dára ni, tó kọ́ ara rẹ̀, iye tó ṣeé rí gbà lórí rẹ̀ sì jẹ́ 450. Àlékún 250 yẹn kò sí nínú ìwé, torí òfin kò gbà kí a kọ gúdúwìlì tí a kọ́ fúnra wa.

Olùrà wá da méjèèjì pọ̀, ó sì ń ṣàkóso wọn bí ẹ̀ka kan. Òfin ní kí wọ́n yẹ gúdúwìlì wò ní ibi tó kéré jù tí àwọn ọ̀gá ti ń tọ́jú rẹ̀, kó má ṣáà tóbi ju ẹ̀ka iṣẹ́ ńlá tí ilé-iṣẹ́ ń gbé ìròyìn rẹ̀ jáde lọ. Tí ẹ̀ka ìdàpọ̀ yìí bá jẹ́ ibi náà, iye inú ìwé á di 485 àti 200, ìyẹn 685. Iye tó ṣeé rí gbà á di 427 àti 450, ìyẹn 877. Kò sí àdánù. Mílíọ̀nù 58 tí a rí lẹ́ẹ̀kan ti wọlẹ̀, Onípọ́ǹpù sì tún gbọ́dọ̀ fi mílíọ̀nù 192 bàjẹ́ sí i kí ohunkóhun tó fara hàn.

Bí ẹni tí kò wẹ̀ ṣe ń dúró láàárín àwọn tó fi lọ́fínńdà ni: ẹni tó wọlé kò ní mọ ẹni tó ń rùn. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá sọ pé àyẹ̀wò fi hàn pé gúdúwìlì òun kò dínkù, kò túmọ̀ sí pé ìrajà náà so èso. Ẹ̀ka tí gúdúwìlì náà wà nínú rẹ̀ ló yege.

Ṣé owó gidi ń jáde nígbà tí wọ́n bá kọ àdánù yìí? Ṣé ó sì lè padà?

Kò sí kọ́bọ̀ tó ń jáde. Owó náà ti lọ lọ́jọ́ ìrajà. Àmọ́ àdánù náà ń gé èrè ọdún náà àti owó àwọn onípìn-ín nínú ìwé. Ilé-iṣẹ́ tó ti bá báǹkì dá májẹ̀mú lórí iye dúkìá rẹ̀ lè wá rí i pé òun ti ru májẹ̀mú náà láìná owó kankan.

Àdánù gúdúwìlì kì í sì í padà, kódà bí iṣẹ́ náà bá gbèrú lẹ́yìn náà. Ti àwọn dúkìá yòókù lè padà. Ìdí rẹ̀ ni pé bí iye bá tún gòkè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gúdúwìlì tuntun tí ilé-iṣẹ́ kọ́ fúnra rẹ̀, a sì ti sọ pé ìyẹn kì í wọ ìwé. Kódà bó bá jẹ́ inú ìròyìn ìlàjì ọdún ni wọ́n ti kọ àdánù náà, tí nǹkan sì sunwọ̀n kí ọdún tó parí, kò sí àtúnpadà.

Kí ló ti ṣẹlẹ̀ rí lójú ayé?

Èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni AOL Time Warner. Ìdàpọ̀ náà parí ní oṣù kìíní 2001, ìpín ìdókòwò AOL ni wọ́n fi san án, nígbà tí iye àwọn ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ti wú kọjá ààlà. Nígbà tí òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2001 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, ilé-iṣẹ́ náà kọ àdánù gúdúwìlì tó tó bílíọ̀nù 54 dọ́là ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà nìkan, ó sì tún kọ nǹkan bíi bílíọ̀nù 45 ní òpin ọdún. Àdánù gbogbo ọdún náà sún mọ́ bílíọ̀nù 99 dọ́là. Ọjà ìdókòwò ti mọ̀ tipẹ́ kí ìwé tó sọ ọ́, torí iye ìpín rẹ̀ ti já lulẹ̀ ṣáájú. Ìwé ìṣirò ló ń sáré tẹ̀ lé e.

Ìkejì kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni mo máa ń tọ́ka sí jù. Carillion, ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé ní Britain, ra Mowlem ní 2006, Alfred McAlpine ní 2008 àti Eaga ní 2011. Ní òpin 2016, gúdúwìlì inú ìwé rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 1.57 pọ́n-ùn, ó ju ìlọ́po méjì gbogbo owó àwọn onípìn-ín nínú ìwé kan náà lọ. Àyẹ̀wò ọdún náà kò rí àdánù kankan. Ní oṣù kìíní 2018, ilé-iṣẹ́ náà wó. Ẹni tó bá yọ gúdúwìlì kúrò nínú ìwé 2016 yẹn á rí i pé gbèsè ti ju dúkìá lọ.

Èmi tí mo kàn ń ka ìwé ìṣirò, níbo ni kí n wò?

Kọ́kọ́ wá àlàyé gúdúwìlì nínú àwọn ojú-ìwé tó tẹ̀ lé ìṣirò gan-an. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀ka tí wọ́n pín in fún, ìdá tí wọ́n fi dín owó ọ̀la kù, àti ìdàgbàsókè tí wọ́n lò. Gbé ti ọdún yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún tó kọjá. Bí èlé bá ti gòkè nígboro tí ìdá náà kò sì yí, ìbéèrè wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti dín iye ẹ̀ka kù, tí mẹ́ta di ọ̀kan, béèrè ìdí, torí ọ̀nà tí àlékún ẹ̀ka kan fi ń bo àbùkù òmíràn nìyẹn.

Wo bóyá iye gbogbo ìpín ilé-iṣẹ́ náà lọ́jà ti kéré ju owó àwọn onípìn-ín nínú ìwé lọ. IAS 36, òfin àgbáyé tó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò yìí, ka èyí sí àmì àdínkù. Ọjà lè ṣàṣìṣe fún oṣù kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n bí ó bá wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko tí wọn kò kọ àdánù, ó yẹ kí àlàyé wọn lágbára. Lẹ́yìn náà, wá gbólóhùn tí wọ́n ti ń sọ pé ìyípadà kékeré lè fa àdánù. Òfin ní kí wọ́n sọ ọ́ bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì sọ iye àlékún tó kù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni àdánù ọdún tó ń bọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ yọjú.

Ṣé wọ́n ń gbìyànjú láti tún un ṣe?

Ní oṣù kẹta 2024, ìgbìmọ̀ IFRS gbé àbá kan síta. Kò kan bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà tó bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí pé ó fẹ́ kí ìṣirò iye ìlò rọrùn díẹ̀, kó sì ṣe kedere sí i pé gúdúwìlì kò yẹ kó wà ní ẹ̀ka tó tóbi ju ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ gan-an lọ. Ohun tó tóbi jù nínú rẹ̀ ni pé, fún àwọn ìrajà pàtàkì, kí ilé-iṣẹ́ sọ lọ́dún tó rà á ohun tó ń lépa àti iye tó ń retí, kó sì máa sọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e bóyá ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ká ní ó kan Olùrà ni, yóò ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ra Onípọ́ǹpù láti dín owó irin kù ní iye báyìí, yóò sì padà wá sọ iye tó dínkù ní tòótọ́, ì báà jẹ́ pé gúdúwìlì rẹ̀ farapamọ́ sábẹ́ iṣẹ́ pọ́ǹpù àtijọ́ yẹn.